Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ kó sùn" fún ẹni tí ọtí gbé dákú

Bọ̀dá Sáúńdì: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ tẹ sáúńdì sí ní Ayétòrò. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ta tẹ́tẹ́ lórí ìgò jíìnì kan, ọmọkùnrin kan gbé e sẹ́nu, ó mu ju ààbọ̀ lọ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó tiẹ̀ jó. Nígbà tó yá ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò yéèyàn mọ́, ó bì, ó sùn lọ. Wọ́n gbé e sẹ́yìn kánópì, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, ojú ẹ̀ kọ sókè, wọ́n padà sídìí ijó. Ó ń hanrun, ìyẹn ló sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọjá, ló gbọ́ ìhanrun yẹn, ló dúró. Ó pè é, ó fi ìka tẹ egungun àyà ẹ̀ dáadáa, kò mira. Ara ẹ̀ tutù, òógùn bò ó, ètè ẹ̀ sì ti ń dúdú bí aró. Àǹtí wá wo aago fóònù, ó ń ka èémí ẹ̀: 7 péré ní ìṣẹ́jú kan, á mí, á dákẹ́ títí kó tó mí míì. Kíá ló na apá ẹ̀ kan síta, ó gbé ọwọ́ kejì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó ká eékún ẹ̀ kan sókè, ó fi fà á yí sí ẹ̀gbẹ́, ó wá gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀. Ìhanrun yẹn rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀! Kò pẹ́ ló tún bì, gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Ká ní ó ṣì kọjú sókè ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà: Ọlọ́run ṣeun o. Àwa máa ń da omi tútù lé wọn lórí, a ó fún wọn ní epo pupa kí wọ́n bì í. Wọ́n sì ní súgà máa ń wálẹ̀ lára wọn, pé ká po omi súgà fún wọn, àbí irọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òótọ́ ni ti súgà mà, ó máa ń wálẹ̀, pàápàá lára ọmọdé àtẹni tí ò jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò jí ò lè gbé nǹkan mì, ọ̀fun ẹ̀ ti sùn pẹ̀lú ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi súgà yẹn máa gbà lọ, epo náà bẹ́ẹ̀. Dírípù ni wọ́n á fi fún un ní súgà lọ́sibítù. Omi tútù ńkọ́? Ọtí ti lé ooru kúrò lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Kọfí ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù nìyí: èyí tó mu gbẹ̀yìn ṣì wà nínú ikùn, ó ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ti sùn, ẹ̀dọ̀ tó ń fọ ọtí kúrò lára ò sì lè yára ju bó ṣe ń ṣe lọ. Ìdí nìyẹn téèyàn fi ń rìn wọlé fúnra ẹ̀, tó wá ń burú sí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí èémí ò bá tó 8 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tó dákẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 10 láàárín méjì, tàbí tí gìrì gbé e, tàbí tẹ́ ẹ jí i tí ò jí, ẹ má dúró de gbogbo àmì yòókù. Ẹ pe 112, kí ẹnì kan má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọlọ́kadà Alékùwódò: Èmi náà bí mo bá mu páráàgà, àyà máa ń ta mí láàárọ̀, kí ni mo lè lò? Ẹ̀gbọ́n mi mu ògógóró lánàá, kò tiẹ̀ yó, àmọ́ láti àárọ̀ ló ti ń ní ojú òun ń ṣú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ fi ti àyà yẹn sílẹ̀ ná! Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n yín lọ ọsibítù nísinsìnyí. Ọtí tí mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, wà nínú ẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí púpọ̀ lè kọjá kó tó hàn. Òun ló pa àwọn èèyàn ní Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, ojú ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ fọ́. Ẹ gbé èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò yẹn dání.

Ọlọ́kadà Alékùwódò: Ha! Mo ti ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà: Bọ̀dá Sáúńdì, báwo lẹ ṣe wá gbé ọmọ yẹn lọ?

Bọ̀dá Sáúńdì: Wọ́n ti gbé ọ̀kadà wá, wọ́n fẹ́ há a sáàárín èèyàn méjì, àǹtí yarí, ó ní orí ẹ̀ á ṣubú, ọ̀fun ẹ̀ á pa dé. Ẹ̀yìn mọ́tò baba ìyàwó la tẹ́ ẹ sí ní ẹ̀gbẹ́, àǹtí jókòó tì í, ó ń ka èémí lọ lójú ọ̀nà, èmi gbé ìgò jíìnì dání. Wọ́n fi ọ́síjìn àti dírípù sí i, ọjọ́ kejì ló tó jí dáadáa.

Dèrébà Ògo-Olúwa: Ká dúró de áńbúláǹsì ló dáa, ẹ̀yin ò mọ èèyàn án gbé.

Bọ̀dá Sáúńdì: Bí wọ́n bá gbé fóònù tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ẹ dúró. Tí wọn ò bá gbé e lóru ńkọ́, kí mọ́tò sì wà nílẹ̀? Èmi ò ní dúró o.