Ẹ gbà mí o: ìrísí mímì méjì yìí kò dábùú ara wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ni mo fi sípíríngì so: ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì 8 N/m, ti àárín 5 N/m. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan wúwo 0.5 kg, ω jẹ́ 4 àti 6 rad/s, kò sí wàhálà.

Mo wá sọ kẹ̀kẹ́ kejì di 1 kg. ω² di 9.9 àti 29.1. Bí kẹ̀kẹ́ kìíní bá rìn 1, èkejì á rìn 1.61 tàbí −0.31. Ṣùgbọ́n 1 − 1.61 × 0.31 ń fún mi ní 0.5, kì í ṣe òdo! Ìgbà tí mo fi ìwúwo kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀ ló tó di òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn, kí ló sì fà á?