A ó balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, hòtẹ́ẹ̀lì ní ó di aago méjì ọ̀sán. Ẹ gbà mí!

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Pẹ́kàmù: Ẹ̀yin ará, ojú ti mi. Àwa 11 là ń lọ Ojúde Ọba, èmi ni mo kọ ímeèlì ètò ìrìn àjò sí gbogbo ẹbí. Mo kọ ọ́ pé a ó balẹ̀ ní Ìkẹjà ní Sátidé, aago márùn-ún ìdájí, pé hòtẹ́ẹ̀lì Ìjẹ̀bú-Òde yóò ṣílẹ̀kùn yàrá fún wa ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fèsì: "Ṣé orí báàgì ni n ó ti máa tòògbé?" Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Kí ni kí n ṣe? Báwo la sì ṣe máa sanwó?

Alàgbà, Máńṣẹ́sítà: Kò le tó bẹ́ẹ̀. Pe hòtẹ́ẹ̀lì, bẹ̀ wọ́n, wọn á jẹ́ kí ẹ tètè wọlé.

Ìyá Ìbejì, Húsítìn: Alàgbà, ẹ má bínú, ọ̀sẹ̀ Iléyá mà nìyẹn! Ẹni tó sùn síbẹ̀ mọ́jú ṣì wà lórí ibùsùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú, láti alẹ́ Jímọ̀ ni kí o ti sanwó yàrá, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ wà lójú òfurufú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Alàgbà, Máńṣẹ́sítà: Kí èèyàn sanwó oorun tí kò sùn? Àwa Máńṣẹ́sítà kì í náwó bẹ́ẹ̀ yẹn o.

Ìyá Ìbejì, Húsítìn: Èmi náwó yẹn, ó sì tún jóná, nítorí mi ò kọ ọ́ fún wọn pé àárọ̀ Sátidé la máa dé. Nígbà tó di òru tí wọn ò rí wa, wọ́n ní a ò wá mọ́. A dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, yàrá ti di ti ẹlòmíì, gèlè obìnrin kan ló wà lórí ìrọ̀rí tí mo sanwó fún. Kọ ọ́ báyìí: "A sanwó láti alẹ́ Jímọ̀, àárọ̀ Sátidé la ó wọlé, ẹ má fún ẹlòmíì." Kí wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i, kí o tẹ èsì yẹn sórí ìwé.

Àbúrò, Tòròńtò: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo kọ ọ́ sí àwọn ọmọ mi lédè Òyìnbó pé Ojúde Ọba máa ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí Iléyá. Ní 2025, Iléyá bọ́ sí Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹfà. Wọ́n ka ọjọ́ mẹ́ta lé e, wọ́n dé ní Mọ́ńdè. Sọ́ńdè, ọjọ́ 8, ni ẹṣin ti sáré tán! Ọjọ́ Iléyá gan-an là ń kà mọ́ ọn kó tó pé ọjọ́ kẹta.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Pẹ́kàmù: Háà, mo kọ irú ẹ̀ síbẹ̀ náà!

Ìyá Ìbejì, Húsítìn: Tún un kọ. Bó o bá ti ń tún un kọ, má kọ fún dírẹ́bà pé aago márùn-ún. Aago tí ọkọ̀ balẹ̀ nìyẹn. Ìwé ìrìnnà àti ẹrù lè gba wákàtí kan ààbọ̀. Fún un ní nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú, kó máa wò ó bóyá ó pẹ́. Kí orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà mọ́tò àti fóònù ẹ̀ wà lórí ìwé lọ́wọ́ Àǹtí, torí ẹ ò ní ní dátà tí ẹ fi máa pè é ní Wáásáàpù níbẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé "dírẹ́bà yín ló rán mi," ẹ bi í ní nọ́ńbà mọ́tò.

Alàgbà, Máńṣẹ́sítà: Kí wọ́n gba Ìkòròdú àti Ìtóìkín. Ọ̀nà Ṣàgámù yẹn, wàhálà ni.

Àbúrò, Tòròńtò: Alàgbà, ìgbà wo lẹ délé gbẹ̀yìn?

Alàgbà, Máńṣẹ́sítà: Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ti owó wá ńkọ́? Pọ́n-ùn ni kó kó dání, kó ṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ Mọ́là. Ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì kọ káàdì Òyìnbó mi lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àna mi.

Ìyá Ìbejì, Húsítìn: Owó ènìyàn 11 nínú báàgì ọwọ́? Kó fi náírà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì hòtẹ́ẹ̀lì láti ibí. Tó bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó yọ. Bó bá jẹ́ orúkọ máníjà ló yọ, kó dáwọ́ dúró.

Àbúrò, Tòròńtò: Orúkọ máníjà ló yọ fún tèmi o, kò sì sí nǹkan tó ṣe mí.

Ìyá Ìbejì, Húsítìn: Orí ló kó ẹ yọ. Húsítìn la ti ń fara balẹ̀ náwó.

Alàgbà, Máńṣẹ́sítà: Húsítìn tí ẹ ò ti rí gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa rà! Èyí tí mo mu lánàá, ṣe ni eyín mi ń dùn mí.

Àbúrò, Tòròńtò: Ẹ má dárúkọ gààrí fún mi. Yìnyín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Pẹ́kàmù: Ẹ ṣeun, mo ti fi òmíì ránṣẹ́. Ti owó ṣì rú mi lójú o, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Àǹtí ti fèsì. Wọn ò sọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Wọ́n ní ta ni yóò ro ìkọ́kọrẹ́ dè wọ́n.