Ẹrù tó kù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn àdéhùn ńkọ́?
Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin àdéhùn, ẹ jọ̀wọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan fún mi ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti máa pín ọjà wọn ní èmi nìkan, pé kí n máa ra ó kéré tán garawa 600 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ra 410, nítorí pé àwọn fúnra wọn ń tà fún oníṣòwò kan ní Ọ̀wọ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ọgbọ̀n ọjọ́ pé àdéhùn parí, bẹ́ẹ̀ garawa 180 ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò fèsì, àdéhùn náà kò sì mẹ́nu ba ẹrù tó bá ṣẹ́kù. Ǹjẹ́ títà tí wọ́n tà ní agbègbè mi lè gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé n kò ra iye tó yẹ, ṣé mo sì lè béèrè pé kí wọ́n ra ẹrù náà padà ní iye tí mo rà á, àbí títà nìkan ni ẹ̀tọ́ mi?