Ta ni 'a-' inú 'ẹ̀rọ-ajẹ́rìí'?

Akàròyìn, Òṣogbo:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo fẹ́ ka ìròyìn ẹjọ́ jìbìtì orí ayélujára kan lórí rédíò lọ́la. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìpè, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní báǹkì àti ọ̀rọ̀ Wátsáàpù wá síwájú adájọ́. Ẹnì kan ní kí n pe gbogbo rẹ̀ ní "ẹ̀rọ-ajẹ́rìí". Ṣé ó tọ́?

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìkẹjà:
Kò tọ́, ọmọ mi. A- tí wọ́n fi ṣíwájú "jẹ́rìí" yẹn ló bà á jẹ́. Adájọ́, agbẹjọ́rò, apẹja: ẹni tó ń ṣe nǹkan la fi í pè. Ẹ̀rọ kì í jẹ́rìí ní kóòtù wa, èèyàn ló ń jẹ́rìí lórí ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ni mo ń wí. Wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin náà ní 2023, síbẹ̀ dandan ni kí ẹnì kan fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fi í ṣe, yálà nínú ìwé tó buwọ́ lù tàbí kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹjọ́ kan tí mo ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, n ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Obìnrin oníṣòwò kan pàdé ọkùnrin kan lórí ayélujára tó ní ṣọ́jà lòun lókè òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi owó ránṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420,000 náírà. Nígbà tí ọwọ́ tẹ ọmọkùnrin kan, olùpẹ̀jọ́ kó oríṣi ìwé mẹ́ta wá. Ti báǹkì fi hàn pé owó wọ akáǹtì kan, akáǹtì yẹn sì jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní òun kàn yá ọ̀rẹ́ lò ni. Ti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi hàn pé nọ́ńbà kan ń pe obìnrin náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá àgbà kan tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìwé méjèèjì kò tíì kan ọmọkùnrin yìí rárá?

Ohun tó mú un ni IMEI, nọ́ńbà ara fóònù fúnra rẹ̀ tí ẹ ó rí tí ẹ bá tẹ `*#06#`. Àkọsílẹ̀ ìpè kì í kọ síìmù nìkan, ó ń kọ fóònù tí síìmù náà wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó pe ìpè. Síìmù ìyá àgbà wà nínú fóònù tí wọ́n gbà lápò olùjẹ́jọ́. Lọ́yà rẹ̀ fò dìde: nọ́ńbà 15 ló wà lára fóònù, èyí tó kẹ́yìn kò sì bá ti inú ìwé mu! Mo rí i bí ojú olùpẹ̀jọ́ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló wá ṣàlàyé pé 14 àkọ́kọ́ ni fóònù ń fi ránṣẹ́ sí òpó, ẹ̀rọ wọn sì máa ń fi òdo dí àyè ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹni yẹn ò bá sí níbẹ̀, ìwé náà ìbá dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí ẹni tó jẹ́rìí báyìí?

Olùkọ́ èdè, Adó-Èkìtì:
Mo gba ti ẹjọ́, n ò gba ti gírámà. Kì í ṣe èèyàn nìkan ni a- ń bí. Asẹ́ ń sẹ́, abẹ ń bẹ, èwo nínú wọn ni èèyàn? "Ayárabíàṣá" tí gbogbo wa ń lò ńkọ́? Bàbá tó kọ́ mi ní Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dín a- kù kó kọ́kọ́ lọ wo ibi ìdáná ìyá rẹ̀.

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìkẹjà:
Ẹ̀yin ọ̀gá, abẹ ń bẹ nítorí pé ẹnì kan dì í mú. Ẹ kò lè ní kí abẹ wá búra. Ẹ̀rí jíjẹ́ ní ìbúra nínú.

Bàbá Ìlàrẹ, Ifẹ̀:
Ẹ̀yin méjèèjì ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀! Kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ṣáà gbé gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ jáde, kí adájọ́ gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Mo sì tún gbọ́ pé bí kò bá sí ìwé abala 84, gbogbo ẹ̀rí náà di pàǹtí.

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìkẹjà:
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpè ń sọ ẹni tó pe ẹni, aago tó pè é, bó ṣe pẹ́ tó àti òpó tó gbé ìpè náà. Kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ọ̀rọ̀ Wátsáàpù pàápàá, inú fóònù la ti ń rí i, nítorí pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kò lè kà á. Ní ti ìwé, òótọ́ ni pé tí ìpìlẹ̀ ò bá sí, ẹ̀rí lè ṣubú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní 2012 nìyẹn nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lè dúró kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé dípò ìwé.

Nínú ẹjọ́ tí mo sọ, wákàtí kan gbáko fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Báǹkì kọ aago 14:12 fún owó. Ìwé kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ nínú fóònù, "ó ti wọlé, ìyàwó mi", kọ 13:15. Ṣé ó dúpẹ́ kí owó tó dé ni? Àṣé aago àgbáyé ni ẹ̀rọ ìyọ̀rọ̀ wọn ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀.

Ìyá Ṣadé, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹnì kan gba 85,000 náírà lọ́wọ́ mi fún aṣọ òkè tí n kò rí dòní. Mo ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ wa rẹ́ nítorí ìbínú, àwòrán ojú fóònù méjì ló kù. Ṣé wọ́n á gba èyí ní ẹ̀rọ-ajẹ́rìí?

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìkẹjà:
Ìyá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe pa nǹkan kan rẹ́ mọ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Ẹnikẹ́ni lè ṣe àwòrán ojú fóònù fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi máa ń gbógun tì í. Ibi tí ẹ lágbára sí ni báǹkì. Ẹ wo rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́, nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀ tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 30. Ọjọ́ àti aago wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n á fi tọ owó náà dé akáǹtì tó wọ̀. Àwòrán méjì yẹn náà, ẹ fi pamọ́.

Akàròyìn, "ẹ̀rí orí ẹ̀rọ" ni kí o kà. Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù, má ṣe pè é ní "ìwé ẹ̀rí", àwọn ará ilé á rò pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni. "Ìwé ìfọwọ́sọ̀yà" lèmi ń lò ní kóòtù.

Olùkọ́ èdè, Adó-Èkìtì:
Ìfọwọ́sọ̀yà kẹ̀? Ẹni tó ń fọ́nnu ló ń fọwọ́ sọ àyà. Ṣé ẹ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ báǹkì máa fọ́nnu níwájú adájọ́?

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìkẹjà:
Lọ́dọ̀ yín ni ó ti jẹ́ fífọ́nnu. Ìyá mi kì í fọwọ́ sọ àyà àyàfi nígbà tó bá fẹ́ dúró fún ẹni.

Akàròyìn, Òṣogbo:
Ẹ ṣeun. "Ẹ̀rí orí ẹ̀rọ" ni màá kà. Àmọ́ ọ̀gá wa ní iléeṣẹ́ ti tẹ "ẹ̀rọ-ajẹ́rìí" sínú àkọlé.