Ìyìn tó mú ọmọ náà padà sídìí korobá

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Bàrígà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti rí i rí kí ọ̀rọ̀ ìyìn kan mú ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó wá sọ tirẹ̀. Tèmi nìyí, ìmọ̀ràn yín sì ni mo ń wá lórí rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa, kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ló wà. Ẹ mọ ìṣe omi bóòhóòlù wa: tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó mọ́ gaara, tó bá fi máa di àárọ̀, ó ti pọ́n, ìdọ̀tí pupa á ti sùn sí ìsàlẹ̀ korobá, gbogbo aṣọ funfun á sì ti bàjẹ́. Ohun tí ọmọ yìí fi ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ nìyẹn. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí korobá ọ̀dà kan, ó gbé e kọ́ sókè, kí omi lè máa rọ̀ bí òjò sínú korobá kejì. Ó fi omi náà sílẹ̀ díẹ̀, ó wá dà á gba inú korobá kẹta tó ti to òkúta wẹ́wẹ́ sí nísàlẹ̀, yanrìn oníhóró lé e, yanrìn kíkúnná lókè pátápátá. Ó ní òun kọ́kọ́ fọ yanrìn náà títí omi tí òun fi ń ṣàn án fi mọ́.

Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù àdúgbò. Kíá, ìyìn dé. "Ọmọ ọlọ́gbọ́n!" "Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́la!" "Ọlọ́run á gbé ẹ ga!" Ọmọ ń ṣe àmín, àmín. Mi ò ní ká má ṣàdúrà fún ọmọ o. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò tó gbẹ̀yìn dáadáa. Ife gíláàsì mẹ́ta ló tò síbẹ̀: omi tí kò tíì sẹ́, omi tó ti sẹ́, àti píọ̀ wọ́tà. Ó pọn tíì tó ki, ó bu ṣíbí kan náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí irin tó ń mú omi wa pọ́n máa ń sọ tíì di dúdú. Èyí tí kò tíì sẹ́ dúdú kirikiri. Èyí tó ti sẹ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti píọ̀ wọ́tà ń dán.

Ohun tí mo kọ sí i ni pé: "Ife kẹta yẹn ló jẹ́ kí n gbà ẹ́ gbọ́. Ká ní méjì lo gbé kalẹ̀ ni, mi ò bá sọ pé bóyá bí tíì ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n o fi píọ̀ wọ́tà ti wọ́n, mo wá rí i pé omi tí o sẹ́ ti sún mọ́ ọn, kò kàn tíì débẹ̀ ni. Kí lo rò pé ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀?"

Kò ṣe àmín fún tèmi. Ohùn ló fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ káalẹ́ mà. Èmi náà ti ń wò ó pé kò mọ́ tó ti píọ̀ wọ́tà. Mo rò pé mo tètè sẹ́ ẹ ni. Ṣé kí n dán an wò mà?"

Ó dán an wò lóòótọ́. Ó pín omi tó ti rọ̀ sínú ìgò: ó sẹ́ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 1, ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí 6, ọ̀kan di ọjọ́ kejì. Bí omi ṣe ń pẹ́ sí i kó tó sẹ́ ẹ ni tíì ń mọ́ sí i. Ó wá da ìkarahun ìṣáwùrú sínú ìgò kan sí i, nítorí tíṣà wọn sọ pé omi wa kan, àti pé ìkarahun máa ń pa kíkan omi. Ibẹ̀ ni wàhálà dé: tíì ti ìgò oníkarahun dúdú ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ pẹ́ lọ! Ọmọ ti ń sọ pé òun ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, pé òun máa yọ ìkarahun kúrò nínú ìwé òun. Kí ni kí n wí fún un báyìí?

Bọ̀dá Tíìmù, Súrùlérè

Mọ̀mí, ẹ ṣé. Èmi gbọ́ pé àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé kò dáa ká máa yin ọmọ rárá, pé ó máa ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Tèmi ṣojú mi. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣe rédíò kékeré kan, wọ́n gbé mi síwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní ẹ wo sáyẹ́ńtíìsì wa. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí èyí tó tẹ̀ lé e kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan fún ọmọ náà, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ.

Àǹtí Tíṣà, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Bọ̀dá Tíìmù, ó dùn mí pé wọ́n ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kò sọ pé ká má yin ọmọ. Claudia Mueller àti Carol Dweck ló gbé e jáde ní 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè ṣe, wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ fẹ́ràn èyí tó rọrùn, kí orúkọ wọn má bàa bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́, èyí tó le ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn wọn kò rí èsì kan náà nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í búra. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàlàyé nípa rédíò yín yẹn, òun gan-an ni wọ́n rí.

Ohun tí mo ti rí ní kíláàsì tèmi ni pé "o gbìyànjú" lásán náà kì í tó. Ọmọ ò mọ ibi tó ti gbìyànjú. Ọmọkùnrin kan gbé bátìrì tó fi òroǹbó ṣe wá fún mi, ó ní kò tan iná. Mo wo ìwé rẹ̀, mo rí i pé ó kọ iye fóòlì tí òroǹbó kọ̀ọ̀kan ní kó tó so wọ́n pọ̀. Mo ní, "Bí o ṣe wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí ni kò jẹ́ ká wá a káàkiri. Wo ti ìkẹta, kò ní nǹkan kan nínú." Ó wo ìkẹta, ìṣó ibẹ̀ àti bàbà rẹ̀ ń kan ara wọn nínú òroǹbó. Ó yà wọ́n, ó tún un wọ̀n, fóòlì dé.

Ìyá Ìbejì, Ìkòyí

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé korobá ọmọ yìí lè yọ iyọ̀ inú omi? Omi kàǹga tiwa níbí, iyọ̀ ló ní, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó bá mi ṣe ọ̀kan.

Alàgbà Oníbóòhóòlù, Yábàá

Ìyá Ìbejì, rárá o. Iyọ̀ ti yòrò mọ́ omi, yanrìn ò lè dá a dúró. Irin inú omi Bàrígà náà yòrò mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tó fi ń mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Kò sí afẹ́fẹ́ tó tó lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá bọ́ síta tí afẹ́fẹ́ kàn án, irin náà á dípẹtà, á di hóró, hóró yẹn ni yanrìn ń mú. Iyọ̀ ò ní dípẹtà fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Iṣẹ́ tí mo ti ṣe jẹun nìyí. Òótọ́ ni pé kíkan omi ń fa dídípẹtà irin sẹ́yìn. Tí òǹkà pí-eéṣì, èyí tó ń gòkè bí kíkan omi bá ṣe ń dínkù, bá fi 1 péré gòkè, ìyára rẹ̀ lè di ìlọ́po 100. Nítorí náà èrò ìkarahun yẹn dáa púpọ̀. Tíì ló ń tàn án. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tíì, á mọ́. Ẹ ju káún sínú rẹ̀, á ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ kò sí irin níbẹ̀. Ìkarahun pa kíkan omi, tíì wá ṣókùnkùn fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí irin inú ìgò yẹn kéré ju ti gbogbo wọn lọ.

Bọ̀dá Tíìmù, Súrùlérè

Ó dáa, kó kàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí gbogbo ife kíkan wọn lè dọ́gba. Èyí tó bá ṣì dúdú, irin ni.

Alàgbà Oníbóòhóòlù, Yábàá

Ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò ní já sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa dúdú ti irin náà rẹ́. Gbogbo ife á mọ́, kò sì ní mọ ohunkóhun. Ohun tó yẹ ni kó da ìkarahun sínú píọ̀ wọ́tà náà, kó pẹ́ bákan náà, kó wá bu tíì sí i. Tí òun náà bá dúdú, ìkarahun ló ṣe é, a jẹ́ pé ife yẹn ló yẹ kó máa fi wé ìgò oníkarahun.

Ẹ fi kún un fún un pé tíì ò lè sọ iye. Òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè wa fún omi mímu ni pé kí irin má ju mílígíráàmù 0.3 nínú lítà 1. Ojú ò lè wọn ìyẹn. Ó fẹ́ láábù. Kó má sì mu omi náà láìsè é, nítorí omi tó mọ́ gaara ṣì lè ní kòkòrò àìrí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Bàrígà

Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí: "Mo rí i pé o kò fi ìgò tó dúdú yẹn pa mọ́, o ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ àwọn tó dáa. Òun ló jẹ́ ká rí nǹkan tuntun. Da ìkarahun sínú píọ̀ wọ́tà, kí o wo ohun tí tíì máa ṣe, ìkarahun ń pa kíkan, kíkan ló sì ń jẹ́ kí tíì mọ́…"

Àǹtí Tíṣà, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ìlà tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù. Ẹ dúró síbẹ̀, Mọ̀mí. Ẹ ti fẹ́ bá a ṣe èyí tó kù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi í.

Alàgbà Oníbóòhóòlù, Yábàá

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ sọ fún un tààrà pé èrò rẹ̀ tọ̀nà, kó tó fà á ya.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Bàrígà

Mo mú díẹ̀ nínú tẹni méjèèjì. Mo yìn ín fún fọ́tò tí kò fi pa mọ́ yẹn, mo ní kó má yọ ìkarahun kúrò nínú ìwé. Mo wá bi í pé: "Kí ni ìkarahun máa ṣe fún tíì nínú omi tí kò ní irin rárá?" Ó ti kà á. Ó ní òun máa ra píọ̀ wọ́tà tí òun bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, ó sì ń bi mí bóyá òun gbọ́dọ̀ fọ ìkarahun náà pẹ̀lú ọṣẹ. Alàgbà, kí ni kí n dá a lóhùn?

Alàgbà Oníbóòhóòlù, Yábàá

Kó má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, ọṣẹ náà ń pa kíkan. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi lásán fọ̀ ọ́, kó sè é, kó sá a gbẹ. Iye kan náà ni kó dà sí ìgò méjèèjì.