Èwo ni ìpíndọ́gba eré Bolt gan-an?
Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò eré sísá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Usain Bolt fi ìṣẹ́jú àáyá 9.58 sá 100 mítà ní ìlú Berlin lọ́dún 2009. Mo fi 9.58 pín 100, mo rí mítà 10.44 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, tí mítà 1,000 sì wà nínú kìlómítà kan, ó di kìlómítà 37.58 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 0.146 ti kọjá lẹ́yìn ìró ìbọn kí ó tó gbéra, bí mo bá sì yọ ọ́, ó di kìlómítà 38.16. Èwo ló yẹ kí n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpíndọ́gba?