Ṣóńṣó ìdí tó ń dunni lẹ́yìn ìṣubú: kí ló fà á, kí ló ń ràn án lọ́wọ́?

Àbúrò Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ̀ lórí táìlì balùwẹ̀, ó fi ìdí gbálẹ̀ gbì. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Aránṣọ ni, orí àga rọ́bà ló ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Ibi tó ń dùn ún kò ju orí ìka kan lọ, lókè ihò ìdí gẹ́lẹ́. Tó bá tẹ̀ síwájú sórí ẹ̀rọ, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Tó bá fẹ̀yìn ti àga láti fọwọ́ gán etí aṣọ, á ní "yéè!" Ìgbà tó bá ń dìde gan-an ló burú jù. Kí ni ká ṣe? Ṣé ká lọ ya fọ́tò eegun ni?

Baba Alágbo:
Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìṣubú yẹn kàn jí i lójú oorun ni. Kó jáwọ́ nínú nǹkan dídùn, kó sì wá agbo jẹ̀dí gidi mu. Tó bá ti yàgbẹ́ dáadáa, ìdí á sinmi.

Onífisiò:
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ yín wọlé lápá kan: ìgbẹ́ líle á jẹ́ kí ìrora náà pọ̀ sí i, torí iwájú eegun yẹn gan-an ni ìgbẹ́ ń gbà kọjá, àwọn iṣan tó ń fún ìdí pa sì so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n jẹ̀dí kì í dúró de ìgbà téèyàn bá fẹ̀yìn ti àga kó tó dunni. Ẹnu ihò ìdí ni tiẹ̀, nígbà ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Kí wọ́n má sì fi agbo tí wọ́n fi ọtí ṣe lé oògùn ìrora lórí, inú ló máa dá egbò sí.

Àbúrò Aránṣọ, ohun tí ẹ ṣàlàyé ti fẹ́ẹ̀ tọ́ka sí i tán. Ìparí eegun ẹ̀yìn ni, eegun kéékèèké mẹ́ta sí márùn-ún tó tò tẹ̀ léra wọn. Téèyàn bá jókòó tó tẹ̀ síwájú, eegun ìjókòó méjì ló ń gbé ara. Tó bá fẹ̀yìn tì, ṣóńṣó yẹn náà á kanlẹ̀, ìdí á wá di ààrò mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju gígán aṣọ lọ. Ti ìdìde: eegun náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ téèyàn bá jókòó, á sì padà sáyè rẹ̀ téèyàn bá dìde. Bí ìṣubú bá ti dẹ oríkèé rẹ̀, ìpadà yẹn ló ń gún un.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìrọ̀rí ìjókòó. Kó ra fóòmù líle, èyí tó nípọn tó íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, kó gé e ní íǹṣì 16 ní ìbú àti òòró. Níbi ẹ̀yìn, láàárín gbùngbùn, kó gé àyè kan kúrò tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin, tó wọlé ní íǹṣì mẹ́fà, kó ṣí gbayawu lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ lè rán àpò rẹ̀. Tó bá ti jókòó, kó ti ọwọ́ bọ àyè yẹn láti ẹ̀yìn. Bí ọwọ́ bá wọlé fàlàlà, ó dáa. Bí eegun bá ń tẹ ọwọ́ mọ́ àga, fóòmù yẹn ti rọ̀ jù. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:
Ṣé olóbìírípo tí wọ́n ń tà, tó dà bí táyà, kò ní ṣe é ni? Òun la máa ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n rán ojú ara wọn. Àwọn obìnrin kan sì wà tí ìbímọ ló fa ìrora ṣóńṣó ìdí yìí fún wọn, láì ṣubú rárá, pàápàá tí orí ọmọ bá pẹ́ lọ́nà.

Onífisiò:
Òótọ́ ni ti ìbímọ, ẹ ṣeun. Olóbìírípo yẹn dáa fún ojú ọgbẹ́ àti jẹ̀dí. Ní ti eegun yìí, etí rẹ̀ lẹ́yìn sábà máa ń bọ́ sábẹ́ ibi tó ń dunni gan-an. Àwọn kan ń sọ pé ó tù wọ́n o, mi ò ní bá wọn jà.

Kó má jókòó ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kó máa dúró gé aṣọ, kó dúró lọ aṣọ. Tó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, kó fún ìdí pọ̀, kó tó gbéra. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń fẹ̀yìn tì ṣe yẹn, kó gbé e sórí tábìlì.

Baba Dírẹ́bà:
Tèmi náà nìyẹn! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn itan lọ sí ọmọ ẹsẹ̀, bí iná. Ṣé fóòmù yìí á gbé e?

Onífisiò:
Rárá, bàbá. Èyí tó ń sáré lọ sí ẹsẹ̀, iṣan ìmọ̀lára láti ẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yin wò lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:
Oògùn ńkọ́? Parasitamọ́ọ̀lù 500 miligíráàmù, ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju ẹyọ mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Tó bá fẹ́ ibuprófẹ̀n, kó jẹun sí i, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sì lóyún. Kó yẹra fún èyí tó ń di ìgbẹ́, bíi kodéènì. Omi, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ náà wúlò.

Àbúrò Aránṣọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnìkan ní àdúgbò ní kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, pé yóò fi ọwọ́ fa eegun náà bọ̀ sípò.

Onífisiò:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á báyìí. Bí ó bá sán, fífà á lè dá kún un. Ìtọ́jú ọwọ́ wà lóòótọ́, a máa ń wọ ibọ̀wọ́, a sì ń gba inú ihò ìdí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti yẹ ẹni náà wò ni.

Fọ́tò eegun kì í ṣe dandan lọ́sẹ̀ kẹta. Bó bá tilẹ̀ fi hàn pé ó sán, a kì í fi símẹ́ǹtì dì í, ìtọ́jú kan náà ni. Èyí tó kàn fara gbọgbẹ́ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èyí tó sán lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí 12. Bó bá kọjá oṣù méjì láìdín kù, kí wọ́n ya fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ní ìdúró, ọ̀kan ní ìjókòó níbi tó ti ń dùn ún gan-an. Èyí tí wọ́n yà ní ìdùbúlẹ̀ nìkan kì í fi ìrìn eegun náà hàn.

Àmọ́ bí ojú ara tàbí ìdí bá kú tipiri, tí ìtọ̀ kò jáde, tí ìgbẹ́ ń bọ́ fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wíwú tó gbóná, tó ń sọ ọyún lókè ìdí náà, dókítà ni.

Baba Alágbo:
Yìnyín tàbí omi gbígbóná ńkọ́? Èmi gbà pé omi gbígbóná nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:
Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, yìnyín tí a fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Onífisiò:
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, èyí tó bá tù ú nínú méjèèjì ni kó lò. Kí Bàbá ṣáà má jẹ́ kó jókòó sínú omi tó ń hó.